Ìlà sífílíìsì yọ, ti sídà ò yọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, oyún mi ti wọ oṣù keje

Ìyáwó_Ìlárá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará mi. Ìlárá ni mo ń gbé, lọ́nà Kétu, oyún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ 29 bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú kánẹ́. Mi ò tètè lọ forúkọ sílẹ̀, mo mọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ọjà ni, tí mo bá jókòó sílé kò sẹ́ni tó máa bá mi ta gàrí. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo dé Kétu fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n gún mi lọ́mọ ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí, wọ́n ní kí n dúró. Nígbà tí agbẹ̀bí pè mí wọlé ó ti ilẹ̀kùn, ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà yẹn ni wọ́n fi wo nǹkan méjì, pé ìlà sídà ò yọ ṣùgbọ́n ìlà sífílíìsì yọ. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ yẹn rí. Kò sí egbò lára mi, nǹkan kan ò yún mi, ara mi dá ṣáká.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan ní ìdí ọ̀tún, ọ̀kan ní ìdí òsì, ó dùn mí débi pé ìdajì ìdí ni mo fi jókòó lórí zẹ́mì padà sílé. Nígbà tó di alẹ́ ara mi gbóná, mo ń gbọ̀n, orí ń fọ́ mi, inú mi ń le gbagidi. Àfẹ̀mọ́jú ló tó rọlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ yẹn ló fẹ́ ba oyún jẹ́, kí n má ṣe padà lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí n sì tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbà mẹ́ta lápapọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé oyún tí mo ní ṣáájú èyí, oṣù kẹjọ ló kú sínú mi. Ọdún kejì rèé. Níbi tí mo bí i sí, kò sẹ́ni tó gún mi lọ́mọ ìka, wọ́n kàn ní kí n gba kádàrá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀kọ, ìparí oṣù ló ń wálé. Ṣé kí n padà lọ gba ẹ̀kejì? Ṣé ọmọ yìí á yè? Àti ti sídà tí kò yọ yẹn, ṣé mo ti bọ́ níbẹ̀ nìyẹn?

Bàbá_Tóyìn_Pọbẹ̀

Àbúrò mi, ẹ má fòyà. Àtọ̀sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe èmi náà rí nígbà tí mo ń wa ọkọ̀ lọ sí Parakú, ìtọ̀ mi ń ta bí ata, kápúsù aláwọ̀ méjì ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé agbọ̀n oògùn kiri ọjà, kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ ó ti tán. Abẹ́rẹ́ yẹn ò pọn dandan, níwọ̀n ìgbà tó ti fún yín ní ibà ẹ fi sílẹ̀, ẹ gbé kápúsù mì. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọkọ yín lo tirẹ̀ náà, torí tí ẹ bá wo tiyín sàn tí òun ò wo tirẹ̀, á tún kó o padà ràn yín.

Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

Bàbá Tóyìn, ẹ kú àdúrótì, ọ̀rọ̀ ọkọ tí ẹ sọ yẹn òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìyókù ni mi ò ní jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, torí ọmọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń gbẹ̀bí ní agbègbè Àjàṣẹ́, mo ti rí ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa.

Àtọ̀sí máa ń sọ ara rẹ̀, ìtọ̀ á gbóná, ọyún á jáde. Sífílíìsì kì í sọ̀rọ̀. Egbò kan ló máa ń kọ́kọ́ yọ, kì í dunni, tó bá jẹ́ inú abẹ́ obìnrin ló yọ sí kò ní rí i rárá, á jiná fúnra rẹ̀, ẹni náà á máa lọ á máa bọ̀, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ti ń gba ibi ọmọ kọjá lọ bá ọmọ. Ìyẹn ni ara ìyá fi máa ń dá ṣáká tí ọmọ á sì kú sínú, tàbí kó bí i láìpé oṣù. Àti kápúsù inú agbọ̀n yẹn, tó bá jẹ́ tetirasikilíìnì bí mo ṣe ń fura, a kì í fún aboyún, ó ń ba eyín àti egungun ọmọ jẹ́, kò sì sí kápúsù kankan tí mo lè bá yín fọwọ́ sí pé ó tó ọmọ inú lára bí abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì ṣe ń tó o lára.

Ìyáwó Ìlárá, ẹ padà lọ lọ́jọ́ Ajé o. Ẹ jẹ́ n sọ ti ibà yẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá wọlé, kòkòrò púpọ̀ máa ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, òkú wọn ló ń fa ibà, ìgbọ̀n àti orí fífọ́ láàárín wákàtí díẹ̀, kì í sábà ré kọjá wákàtí 24. Inú lè le díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, èmi máa ń sọ ọ́, mo sì máa ń ní kí wọ́n ra parasetamọ́lù dání. Ó yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn, ìyẹn kì í pẹ́ rárá, ara á lé wìrìwìrì, ojú á wú, èémí á há, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí èèyàn jókòó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Tí ẹ bá tún rí i pé inú ń le tó ń wá tó ń lọ lẹ́sẹẹsẹ, tàbí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tàbí ọmọ ò yí bó ṣe máa ń yí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Èyí tó rọlẹ̀ láfẹ̀mọ́jú tí ọmọ sì ń yí, ó ti lọ nìyẹn, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í sábà padà wá. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó gún yín.

Ìdí tó fi jẹ́ mẹ́ta: bẹ̀nsatíìnì pẹnisilíìnì ni, 2.4 mílíọ̀nù yúníìtì lẹ́ẹ̀kan, a máa ń pín in sí ìdí méjèèjì torí oògùn náà ki, òun náà ló fà á tó fi ń dunni. Tí a bá mọ̀ pé kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ìgbà kan tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò rí egbò kankan, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti pé ọdún mẹ́ta nínú yín, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan sí ara wọn. Àlàfo láàárín méjì ò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ la ó tún ti kà á.

Ẹ wá jẹ́ ká ka ọjọ́ yín pọ̀. Ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 29, ti kejì á bọ́ sí 30, ti kẹta sí 31. Ohun tí à ń wá ni pé kí abẹ́rẹ́ ti wọlé ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kí ìyá tó bí. Ká ní ọ̀sẹ̀ 38 lẹ bí, ọ̀sẹ̀ méje ṣì wà lẹ́yìn ti kẹta. Àyè wà. Ẹni tó gba tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìbímọ, ìyá ti gba ìtọ́jú o, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ la máa kà sí ẹni tí kò gba nǹkan kan.

Mi ò lè bá yín búra pé ohunkóhun ò ti ṣe ọmọ kí ẹ tó dé Kétu. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè ṣe ẹkógráfì fún yín kí wọ́n wo inú ọmọ náà dáadáa. Àti ti ọmọ tó lọ, ó lè jẹ́ òun ló fà á, ó lè má jẹ́ òun, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ ọ́n lónìí. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ti sídà, màá padà wá, wọ́n ń pè mí ní yàrá ìbímọ.

Àlájà_Aláṣọ

Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ìwọ àti ọkọ rẹ ni kò bára mu. Bó ṣe ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ọmọ méjì ló kú sí i nínú, ìgbà tí wọ́n wá fún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu yẹn ló tó bímọ tó dúró. Abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ń fún ẹ, wọn ò kàn ṣàlàyé ni. Owó rẹ̀ pọ̀ o, tí wọ́n bá fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́ dúpẹ́.

Ìyáwó_Ìlárá

Ẹ ṣé tàǹtí Àlájà. Mo ti wo kánẹ́ mi, ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ mi ni O tó ní àmì ìròpọ̀, agbẹ̀bí sì ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Sífílíìsì ni wọ́n kọ sídìí abẹ́rẹ́ náà. Tàǹtí Agbẹ̀bí, Ọlọ́run á bá mi sọ́ yín. Màá padà lọ. Ọkọ mi ni mi ò mọ bí mo ṣe máa bá a sọ ọ́. Tí mo bá ní kó lọ gba abẹ́rẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni mo lọ bá.

Ọmọ_Ṣábẹ̀

Èmi ni ọkọ tí ẹ ń sọ yẹn, kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n èmi ni. Mi ò sọ ọ́ fún èèyàn púpọ̀ rí.

Nígbà tí ìyàwó mi lóyún ọmọ wa kẹta, ìlà yẹn yọ fún òun náà, mo wà ní oko òwú, ó pè mí lórí fóònù, mo pariwo mọ́ ọn, mo pa fóònù. Ó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ pé mẹ́ta. Èmi ò lọ. Ara mi le, mo ń roko, mo rò pé ẹni tó ní àrùn kì í lè roko. Mo padà sílé, a jọ ń sùn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ nǹkan kan mọ́ torí wọ́n mọ ìbínú mi.

Nígbà tó bí i, awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ń bó, ó lé ròrò bí ibi tí omi gbígbóná dà sí, imú rẹ̀ dí débi pé kò lè mu ọmú. Wọ́n dá wọn dúró, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi gún ọmọ jòjòló yẹn lábẹ́rẹ́. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò bú mi. Ó ní wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ní lábò, pé nọ́ńbà tó ti ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ti gòkè padà, ẹnì kan ló tún kó o ràn án. Ilé wa kò ní ẹlòmíràn. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, ó ń sáré káàkiri, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń rántí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọkọ yín nìyí, ẹ kà á fún un tó bá ṣe é ṣe: kòkòrò yìí lè ti wà nínú ara ẹnì kan láti ọdún mélòó kan kó tó fẹ́yàwó, kò sẹ́ni tó lè fi ìlà orí ike mọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o wálé. Ẹ jẹ́ kó fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan náà ni ọkùnrin ń gbà. Èmi gbà á tán, mo padà sóko lọ́jọ́ kejì.

Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

Ọmọ Ṣábẹ̀, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ yín ju gbogbo èyí tí mo máa sọ lọ.

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un. Kí ẹ gba ìwé kékeré kan lọ́wọ́ agbẹ̀bí Kétu tí orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí ẹ̀, ọkọ yín lè mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìmẹ̀kọ níbẹ̀, kò dìgbà tó bá wálé. A kì í dúró kí egbò yọ lára ọkọ kí a tó fún un. Kí ẹ̀yin méjèèjì tó gba tiyín tán, kó sì tún pé ọjọ́ méje sí i, ẹ má jọ sùn, tàbí kẹ́ ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù. Tí ẹ bá rò pé ó lè gbé ọwọ́ sókè sí yín, ẹ sọ fún agbẹ̀bí kí ẹ tó sọ fún òun, a máa ń pe ọkọ wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lápapọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé ìwòsàn, wọ́n á jọ gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Èmi fara mọ́ èyí ju kí obìnrin nìkan dá gbé e lọ sílé lọ.

Sikírá_Kétu

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n fi tèmi bọ̀ ọ́. Nínú oyún mi àkọ́kọ́ ìlà yẹn yọ, mo gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ mi gbà, ọmọ wa jáde lálàáfíà, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Mo tún lóyún báyìí, ìlà yẹn tún yọ! Wọ́n ní kí n tún gbà á. Mo kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ìgbà yẹn ni kò dáa, ayédèrú ni. Àbí ọkọ mi ti tún lọ gbé e wá ni?

Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

Ó lè má jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ike pẹlẹbẹ yẹn, àpá ló ń rí. Ẹni tí sífílíìsì bá ti ṣe rí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń rántí, ìlà á máa yọ fún ọ̀pọ̀ wọn títí ayé bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti wò ó sàn. Àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá ogun ṣì ń jà ni èyí tí lábò ń pè ní fé-dé-ẹ́ẹ̀rì-ẹ́ẹ̀lì, ó máa ń ní nọ́ńbà. Ká ní ó jẹ́ 1/32 kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́, tó wá di 1/8 lẹ́yìn oṣù mélòó kan, oògùn ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tó bá wà ní 1/2 tó tún fò padà sí 1/16, ẹnì kan ti kó o wọlé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ò sọ̀tàn púpọ̀, méjì la fi ń mọ ibi tó ń lọ. Ṣé ẹ ní ti àtijọ́?

Sikírá_Kétu

Wọn ò ṣe ti nọ́ńbà yẹn fún mi nígbà yẹn rárá, ike nìkan. Mo ṣe é lánàá, wọ́n kọ 1/2.

Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

1/2 kéré, ó jọ àpá. Ṣùgbọ́n láìsí ti àtijọ́ mi ò lè dá a ní ẹjọ́ láti orí fóònù. Tó bá jẹ́ àbúrò mi ni, màá ní kó tún gba abẹ́rẹ́ náà, torí gbígbà á lẹ́ẹ̀kejì ò pa ọmọ lára, àìgbà á nígbà tó yẹ ló ń pa á. Ẹ jẹ́ kí dókítà tó ní kánẹ́ yín lọ́wọ́ sọ èyí tó máa ṣe.

Ẹ̀yin aboyún tó ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú kánẹ́, ti ọkọ náà. Mo ti rí ìyá tó gba gbogbo rẹ̀ pé, ó dé yàrá ìbímọ lóru, kánẹ́ ṣófo, ẹni tó gún un ò sí lẹ́nu iṣẹ́, a ò rí ẹ̀rí, ọmọ tó dá ṣáká ló fara gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá. Bákan náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé bẹ̀nsatíìnì ti tán, tí wọ́n fún yín ní eritiromisíìnì oníhóró dípò rẹ̀, ẹ gbà á ṣùgbọ́n ẹ máa wá abẹ́rẹ́ náà lọ sí ibòmíràn, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ bá ti bímọ. Oògùn yẹn kì í kọjá ibi ọmọ dáadáa, ìyá nìkan ló ń tọ́jú, ọmọ náà á ṣì nílò tirẹ̀ tí wọ́n bá bí i.

Ìyáwó Ìlárá, mo jẹ yín ní gbèsè ti sídà. Ìlà tí kò yọ yẹn, ọjọ́ Ajé yẹn ló jẹ́rìí sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìlà tó lè yọ, sífílíìsì sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún sídà torí egbò rẹ̀. Ìgbà tó burú jù fún ọmọ ni kí ìyá kó o nígbà tí oyún ti wà tàbí nígbà tó ń fún ọmọ lọ́mú, torí ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kánẹ́ rẹ̀ á sì máa sọ pé kò sí. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó bí, kí ọkọ yín ṣe tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún bèèrè nígbà tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú.

Bàbá_Tóyìn_Pọbẹ̀

Mo ti gbọ́ ti àtọ̀sí o, mo dúpẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ pé ìlà sídà yọ, ṣebí wọ́n ní kí ìyá má fún ọmọ lọ́mú rárá? Ohun tí wọ́n sọ fún wa láyé ìgbà kan nìyẹn.

Màmá_Ìdùnnú

Bàbá, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ó ti yí padà. Èmi ń lo oògùn sídà láti ọdún mẹ́fà, mo sì fún ọmọ mi lọ́mú.

Hóró kan ṣoṣo ni lójúmọ́, oògùn mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ dolutẹgráfì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa. Kí n tó lóyún, tí wọ́n bá ka kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi wọn ò rí nǹkan kan kà mọ́. Nígbà tí oyún pé oṣù mẹ́fà wọ́n kà á, ó ti gòkè. Wọ́n bi mí bóyá mo ń fo oògùn. Mi ò fo ọjọ́ kan. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn torí mo mọ̀ pé wọn ò gbà mí gbọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan tó máa ń bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló bi mí pé kí ni nǹkan mìíràn tí mò ń gbé mì. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń fún aboyún, irin yẹn, mò ń gbé méjèèjì mì pọ̀ láàárọ̀ kùtù lórí ìkùn òfo kí n tó lọ sọ́jà. Ó ní òun nìyẹn. Irin máa ń di dolutẹgráfì mú nínú ikùn, kò ní jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Oògùn kálísíọ̀mù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí èèyàn bá jẹun dáadáa ó lè lò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, tàbí kó lo ti sídà ní wákàtí méjì ṣáájú irin, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé tèmi sí alẹ́, mo fi irin sí ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n tún kà á kí n tó bí, wọn ò rí nǹkan kan mọ́.

Nígbà tí mo bí Ìdùnnú, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ síró nẹfirapíìnì fún un, ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí kòkòrò ìyá bá ṣì pọ̀ nígbà ìbímọ, wọ́n máa ń fi kún oògùn ọmọ tí ọjọ́ rẹ̀ á sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé kan tí wọ́n sá gbẹ, wọ́n fi ránṣẹ́. Ìdúró yẹn le. Ó padà wá, kò sí. Wọ́n fún un ní síró kótírì tó ń dènà àìsàn mìíràn títí tí ọ̀rọ̀ fi yanjú. Ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí sẹ́rílákì. Ìyá mi fẹ́ rọ ọ́ lágbo ọ̀nà ọ̀fun lọ́jọ́ kẹjọ, mo sọ fún un pé ikùn ọmọ yìí dà bí aṣọ tuntun, mi ò fẹ́ ohun tó máa ya á, nítorí tí ikùn bá ti bó nínú, ibẹ̀ ni kòkòrò inú ọmú ń gbà wọlé.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́: ọ̀rẹ́ mi kan ò lè dúró, ó gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sí lábò kan ní oṣù mẹ́ta, wọ́n fi ike pẹlẹbẹ ti àgbàlagbà yẹn wò ó, ìlà yọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ohun tí ara ìyá fi ń bá kòkòrò jà ló ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó lè wà níbẹ̀ tó oṣù 18. Ti gìgísẹ̀ ni ti ọmọ kékeré. Èmi ṣe ti oṣù kẹsàn-án, mo wá ṣe ìkẹyìn ní oṣù 18 nígbà tí mo ti já a lẹ́nu ọmú ju oṣù mẹ́ta lọ. Kò sí. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi náà, kò sí.

Àlájà_Aláṣọ

Ọmọ mi, mo tọrọ àforíjì, mi ò ka ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe dókítà ní Kùtọnù ní mílíkì inú agolo ló dáa jù fún irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

Tàǹtí, àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, tí ìyá bá ní omi tó mọ́, tó sì lè ra agolo láìdá a dúró, mi ò ní bá a jà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń rí kò lè ṣe é ju oṣù méjì lọ, wọ́n á wá máa fi omi kànga là á, tàbí kí wọ́n fún un ní ọmú díẹ̀ agolo díẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú jù. Èmi wà lẹ́yìn ọmú pẹ̀lú oògùn ìyá tí kò dá dúró. Tó bá dá a dúró nínú ìtọ́mọ, ààbò ti lọ nìyẹn.

Ìyáwó_Ìlárá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo gba ẹ̀kejì lọ́jọ́ Ajé, mo sọ ti ibà fún wọn, wọ́n dá mi jókòó, kò tún ṣe mí. Ọmọ ń yí. Wọ́n ti kọ ọjọ́ méjèèjì sínú kánẹ́, èmi ni mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi kọ ọ́.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ṣábẹ̀ fún un láti orí fóònù mi, mi ò sọ nǹkan kan kún un. Kò pariwo. Ó jókòó síta títí ilẹ̀ fi ṣú. Láàárọ̀ ó ní òun á gba abẹ́rẹ́, ó mú ìwé náà lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ti sídà ló ní kí n má tíì bá òun sọ, pé òun á rò ó. Mo ti sọ fún un pé a ò ní jọ sùn kó tó di ìgbà yẹn.

Tàǹtí Agbẹ̀bí, wọ́n ní kí n wá ní ọ̀sẹ̀ 34 kí wọ́n tún wo ti sídà. Tí ọkọ mi ò bá tíì ṣe tirẹ̀ nígbà yẹn ńkọ́, ṣé tèmi nìkan á tó?

Agbẹ̀bí_Àjàṣẹ́

Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ 34, ẹ má dúró dè é. Tiyín nìkan á sọ ti ara yín lọ́jọ́ yẹn, kò lè sọ ti òun. Títí tá ó fi mọ tirẹ̀, kọ́ńdọ̀ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ yín yẹ̀ wò lẹ́yìn ìbímọ. Tí ẹ bá gba ti kẹta, ẹ wá sọ fún wa níbí.